Kí Ẹ Tó Tẹ Orúkọ Sára Ọ̀rá Búrẹ́dì

Ní ọdún 1961, ẹjọ́ kan dé iwájú adájọ́ ní ẹkùn Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà lórí orúkọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ti ń ta oògùn ní Onitsha, Niger Chemists ni wọ́n ń jẹ́, wọ́n sì ti ní ẹ̀ka ní ìlú mélòó kan. Àwọn mìíràn wá ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn sí òpópónà kan náà, wọ́n pe tiwọn ní Nigeria Chemists. Lẹ́tà orúkọ méjèèjì kò dọ́gba, ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oníbàárà ló ń fara balẹ̀ kàwé níwájú ṣọ́ọ̀bù. Adájọ́ rí i pé ẹni tó ń wá ti àkọ́kọ́ lè ṣèèṣì wọ ti èkejì, tàbí kó rò pé ọ̀kan jẹ́ ẹ̀ka èkejì, ó sì pàṣẹ pé kí àwọn tó dé lẹ́yìn má ṣe lo orúkọ náà mọ́.

Ohun tó dun ni nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí ni pé owó ti jáde kí àṣẹ tó dé. Wọ́n ti kọ pátákó, wọ́n ti tẹ rìsíìtì, oníbàárà ti ń mọ orúkọ. Fún ẹni tó ń ṣe oúnjẹ tà, ìnáwó náà tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ ọ̀rá ìpọ́njà ló ń gbẹ́ orúkọ àti àwòrán sára sílíńdà irin, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní sílíńdà tirẹ̀. Bí orúkọ bá yí padà lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, sílíńdà tuntun ni, kò sí pé à ń pa lẹ́tà kan rẹ́. Ọ̀rá tó ti wà nílẹ̀ kò sì ṣe é tà fún ẹlòmíràn.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ń bẹ̀rẹ̀: “Mo ti ṣe CAC, orúkọ ti di tèmi.” Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo fẹ́ ká tú palẹ̀, nítorí òun ló ń kó àwọn tó ṣe gbogbo nǹkan lọ́nà ẹ̀tọ́ sí wàhálà.

Ìwé méjì ló wà, iléeṣẹ́ méjì ló ń tọ́jú wọn. Àjọ CAC ń tọ́jú ìwé àwọn tó ń ṣòwò: ilé-iṣẹ́ wo ló wà, ta ló ni ín, níbo ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ìwé kejì ni ti àmì òwò, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní tírédímáàkì. Ó wà ní Àbújá, lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òwò àti ìdókòwò. Ohun tí ìwé kejì yìí ń sọ ni ẹni tó ni orúkọ tàbí àwòrán tí wọ́n fi ń dá ọjà kan mọ̀ yàtọ̀ sí ọjà ẹlòmíràn. Ẹnì kan lè ní ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ kan, kó sì máa ta ọjà mẹ́ta tí orúkọ wọn kò jọ tirẹ̀ rárá. Ní CAC, orúkọ ilé-iṣẹ́ lẹ máa rí. Orúkọ ọjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè má sí níbẹ̀.

Òtítọ́ ni pé òfin CAMA ti ọdún 2020 sọ fún CAC pé kó má ṣe forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ bí ó bá rí i pé orúkọ náà yóò tẹ ẹ̀tọ́ àmì òwò ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, àfi bí onítọ̀hún bá yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n bí CAC bá gba orúkọ kan wọlé, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti fi orúkọ náà wé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé àmì òwò. Ìwé ẹ̀rí CAC kì í ṣe ààbò bí ẹlòmíràn bá ti ní àmì òwò náà. Ẹjọ́ àmì òwò máa ń lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀, bí olùpẹjọ́ bá sì jàre, ilé ẹjọ́ lè ní kí ẹni tó jẹ̀bi jáwọ́, kó san owó ìtanràn fún ẹni tó ni àmì, kó sì kó ohun tí wọ́n tẹ orúkọ náà sí wá kí wọ́n bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ọjà kan ṣe àpẹẹrẹ, ká sì tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká ní obìnrin kan ní Ọ̀fà fẹ́ ṣí ilé búrẹ́dì. Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín ni, ó sì fẹ́ kí búrẹ́dì rẹ̀ máa jẹ́ Ọ̀kín. Orúkọ tó dára ni, ó rọrùn láti pè, ará ìlú yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ti lọ sí CAC, orúkọ òwò rẹ̀, tó ní ọ̀rọ̀ Ọ̀kín nínú pẹ̀lú orúkọ tirẹ̀, sì ti wọlé. Atẹ̀wé ti ya àwòrán ẹyẹ sí ọ̀rá, ó ń dúró de owó.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó ṣe ni kó kọ gbogbo ohun tó fẹ́ tà sílẹ̀, ti òní àti ti ọdún mélòó kan sí i, nítorí pé kì í ṣe orúkọ nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ ní Àbújá, orúkọ pẹ̀lú ọjà ni. Ìsọ̀rí 45 ni wọ́n pín gbogbo ọjà àti iṣẹ́ ayé sí. Láti 1 dé 34 jẹ́ ti ọjà, láti 35 dé 45 jẹ́ ti iṣẹ́ tí à ń ṣe fún ènìyàn. Búrẹ́dì, kéèkì, bísíkíìtì, ìyẹ̀fun, tíì àti kọfí wà ní ìsọ̀rí 30. Bí ó bá fẹ́ gbé àga sílẹ̀ kí ènìyàn máa jókòó jẹun, ìsọ̀rí 43 nìyẹn. Bí ó bá fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ọjà oríṣiríṣi lábẹ́ orúkọ kan náà, ìsọ̀rí 35 ni. Bí zobo inú ìgò bá wà lọ́kàn rẹ̀, ìsọ̀rí 32 ni ohun mímu tí kò ní ọtí nínú wà.

Ìsọ̀rí yìí lè gbà yín sílẹ̀, ó sì lè dẹkùn fún yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ ọ̀dà ilé tó ń jẹ́ Peacock tí wọ́n ń ṣe ní Akwa Ibom, ẹyẹ ọ̀kín sì ni peacock. Ṣùgbọ́n ìsọ̀rí 2 ni ọ̀dà wà. Kò sí ẹni tó máa ra búrẹ́dì tí yóò rò pé àwọn oníkun ilé ló ṣe é. Ẹ̀tọ́ tí òfin Nàìjíríà fún ẹni tó ní àmì òwò dúró lórí ọjà tó fi orúkọ náà sílẹ̀ fún, kò bo gbogbo ọjà ayé.

Bísíkíìtì ńkọ́? Àwọn tó dàgbà ní Kwara kò lè gbàgbé bísíkíìtì Ọ̀kín, tí wọ́n ń ṣe lẹ́bàá Ọ̀fà níbẹ̀. Ìsọ̀rí 30 ni bísíkíìtì, ìsọ̀rí 30 náà ni búrẹ́dì. Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń ṣe méjèèjì, orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń tà wọ́n, ẹni tó bá sì rí búrẹ́dì Ọ̀kín ní ojà Ọ̀fà lè sọ láìronú pé àwọn oníbísíkíìtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrẹ́dì. Ibi tí obìnrin wa gbọ́dọ̀ dúró sí nìyí.

Bóyá ẹnìkan yóò ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí bísíkíìtì náà nínú ọjà. Ìyẹn kò yanjú rẹ̀. Àmì òwò ní Nàìjíríà máa ń lo ọdún 7 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ẹni tó ni ín lè tún un ṣe, ọdún 14 ni yóò sì máa gbà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Orúkọ kan lè wà láàyè nínú ìwé nígbà tí ọjà rẹ̀ kò sí lórí àtẹ mọ́. Òfin fàyè gba ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti béèrè pé kí wọ́n yọ àmì tí wọn kò lò fún ọdún 5 gbáko kúrò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ béèrè, kó sì fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Àmì náà kì í já bọ́ fúnra rẹ̀ nítorí pé ojú ọjà ti gbàgbé rẹ̀. Ìwé tó wà ní Àbújá ló lè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí.

Kó tó sanwó ìwádìí, ó yẹ kó kọ gbogbo ọ̀nà tí etí lè gbà gbọ́ orúkọ náà. Àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ kì í sábà fi àmì ohùn sí i, àwọn tó ń kọ pátákó kì í fi sí i, nítorí náà Ọ̀kín yóò di Okin. Ẹlòmíràn lè ti kọ ọ́ ní Okeen, Oken, Okinn, tàbí kó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, bíi Okinba. Orúkọ tó bá ní ṣ, kí ẹ wá a pẹ̀lú s àti sh. Èyí tó bá ní ẹ tàbí ọ, kí ẹ wá a láìsí àmì ìsàlẹ̀. Bí Olaide bá wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá Olayide pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ìtumọ̀ rẹ̀, ìyẹn Peacock nínú ìsọ̀rí 30, nítorí àwòrán ẹyẹ tó wà lára ọ̀rá lè sọ ohun tí orúkọ kò sọ. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kò ní ka lẹ́tà, yóò ní “ẹ fún mi ní búrẹ́dì ẹlẹ́yẹ.” Bí oníbúrẹ́dì mìíràn bá ti ń lo àwòrán ọ̀kín, ìjà lè ti ibẹ̀ wá.

Òun fúnra rẹ̀ lè fi ojú wá àwọn ibi kan láìsanwó púpọ̀. Kó lọ sí ọjà Ọ̀fà, Ìlọrin àti Òṣogbo, kó wo ara búrẹ́dì, bísíkíìtì àti ṣinṣín tó wà lórí àtẹ, kó sì ya fọ́tò èyíkéyìí tó bá jọ tirẹ̀, pàápàá ibi tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti nọ́ńbà NAFDAC sí. Kó wá orúkọ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti lórí Instagram, níbi tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ti pọ̀. Àjọ WIPO tó wà ní Geneva náà ní ibi ìwádìí kan tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́, `Global Brand Database` ni wọ́n pè é, ó sì wúlò láti mọ̀ bóyá orúkọ náà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ńlá kan lókè òkun. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí nǹkan níbẹ̀, ẹ má ṣe kà á sí pé orúkọ náà ṣófo ní Nàìjíríà. Ibi tí ìdáhùn yẹn wà ni ìwé Àbújá.

Ìwádìí gidi ń gba ọ̀dọ̀ lọ́yà tàbí aṣojú tí iléeṣẹ́ àmì òwò ti fọwọ́ sí. Ojú ìwé tí iléeṣẹ́ náà ń lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni `iponigeria.com`. Aṣojú yóò fi orúkọ àti nọ́ńbà ìsọ̀rí ránṣẹ́, yóò sanwó, iléeṣẹ́ náà yóò sì fi èsì ránṣẹ́ nípa àmì tó bá a dọ́gba tàbí tó jọ ọ́ nínú ìsọ̀rí náà. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá lọ́tọ̀. Mo rọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbé e fún aṣojú pé kí ẹ má ṣe sọ fún un lórí fóònù lásán pé “bá mi wá Okin.” Ẹ fún un ní ìwé tí gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé tí ẹ ti ronú kàn wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ọjà tí ẹ fẹ́ tà àti àwòrán tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ sì bi í léèrè èyí tó wá àti èyí tí kò wá. Bí ó bá mú èsì dé, ẹ ní kó fún yín ní èsì náà gan-an kí ẹ kà á. “Ó ti jáde, kò sí wàhálà” kì í ṣe èsì.

Ká ní èsì dé fún ìsọ̀rí 30, nǹkan mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní ni Okin fún bísíkíìtì, tó ṣì wà láàyè. Èkejì ni Okinni fún iyọ̀ àti èròjà ọbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Peacock fún tíì. Àpẹẹrẹ ni gbogbo èyí, mo kàn fi wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń ka èsì ni.

Èkíní kò gba àròjinlẹ̀. Orúkọ kan náà, ọjà tó jọra, àwọn tó ń rà á jẹ́ ọ̀kan náà. Bí obìnrin wa bá tẹ ọ̀rá síbẹ̀, òun ló fẹ́. Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ kún un, tó pè é ní Ọ̀kín Ọba tàbí Royal Okin, kò tíì kúrò níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn yóò rántí ni Ọ̀kín. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò láti fi yin ọjà kì í dá orúkọ yàtọ̀. Bákan náà ni Ventures, Foods àti Bakery. Bákan náà ni orúkọ ìlú: kò sí ẹni tó lè fi búrẹ́dì Agége tàbí gààrí Ìjẹ̀bú ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí náà bí ẹ bá fi Agége kún orúkọ tí ẹlòmíràn ti ní, ẹ kò tíì fi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀kejì ló gba kí ènìyàn jókòó rò ó. Ilé ẹjọ́ kì í fi orúkọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n máa ka lẹ́tà. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí orúkọ ṣe rí lójú, bí ó ṣe ń dún létí, irú ọjà tó jẹ́, àti irú ẹni tó ń rà á. Wọ́n ń ro ti oníbàárà tí kò rántí orúkọ àkọ́kọ́ délẹ̀délẹ̀, tí kò sì ní ọjà méjèèjì lọ́wọ́ láti fi wé ara wọn. Ní ọdún 1968, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní Nàìjíríà gbọ́ ẹjọ́ láàárín Alban Pharmacy àti Sterling Products. Oògùn amúnyàgbẹ́ ni ọjà náà. CASTORIA ti wà nínú ìwé, Alban sì fẹ́ forúkọ CASORINA sílẹ̀. Ẹ wò ó: T kan ló kúrò láàárín, N kan ló wọlé sí ẹ̀yìn, ẹni tó mọ̀wé lè ní wọ́n yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ ní wọ́n jọra dé ibi tí ènìyàn lè fi ọ̀kan pe èkejì, CASORINA kò sì rí àyè wọlé.

Ní ti búrẹ́dì, mo gbà pé ó yẹ kí àyẹ̀wò yìí le sí i. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ yóò béèrè, yóò kàwé, yóò tún padà wá. Búrẹ́dì ni a ń rà láti ojú fèrèsé mọ́tò ní gáréèjì nígbà tí dẹ́rẹ́bà ti ń tẹná. Orúkọ ni à ń pè, etí ni oníbúrẹ́dì fi ń gbọ́. Nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá orúkọ tiyín jọ ti ẹlòmíràn, ẹ má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ máa wò ó. Ẹ rán ọmọ kan níṣẹ́ láti yàrá kejì pé kó pè é fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí onítọ̀hún sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Bí ohun tó kọ bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ẹ ti rí ìdáhùn. Ní ti Okinni tó wà lára iyọ̀, ọjà náà yàtọ̀ sí búrẹ́dì díẹ̀, ṣùgbọ́n ìró náà sún mọ́ ọn jù, inú ìsọ̀rí kan náà ni wọ́n sì wà. Lọ́yà tó bá mọ iṣẹ́ yóò kìlọ̀ fún un pé ẹni tó ni ín lè takò ó, bí ó bá tilẹ̀ ṣeé ṣe kó jàre lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ òwò kò ní irú oṣù bẹ́ẹ̀ láti fi ṣòfò.

Ẹ̀kẹta, Peacock ti tíì, kan àwòrán ju orúkọ lọ. Bí ó bá yí orúkọ padà tó sì yọ ẹyẹ kúrò, ọ̀rọ̀ yẹn parí.

Ohun kan wà tí èsì Àbújá kò lè fi hàn láé: orúkọ tí ẹni kan ń lò tí kò forúkọ sílẹ̀. Òfin wa kò jẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹjọ́ pé wọ́n tẹ àmì òwò òun mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ fún un, pé kí ó sọ fún ilé ẹjọ́ pé ẹni kejì ń ta ọjà rẹ̀ bí ẹni pé tòun ni. Àwọn lọ́yà máa ń fi ẹjọ́ Niger Chemists ṣe àpẹẹrẹ irú rẹ̀. Nítorí ìdí yìí ni mo fi ní kó rìn káàkiri ọjà kó tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ìyá kan lè wà ní Ajàṣẹ́ Ìpo tó ti ń ta búrẹ́dì Ọ̀kín fún ogún ọdún, tí kò mọ ọ̀nà Àbújá, tí gbogbo ènìyàn agbègbè rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé búrẹ́dì kiri mọ̀ ọ́n. Ìyá bẹ́ẹ̀ náà ní ààbò tirẹ̀: bí ẹlòmíràn bá forúkọ náà sílẹ̀ lẹ́yìn tí òun ti ń lò ó láìdáwọ́dúró, òfin kò jẹ́ kí wọ́n lé e kúrò lórí rẹ̀, tí ó bá lè fi ẹ̀rí hàn. Rìsíìtì ìyẹ̀fun àtijọ́ àti ọ̀rá ọdún àtijọ́ ni irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní, “Orúkọ bàbá mi ni mo fi pè é, ta ló lè gbà á lọ́wọ́ mi?” Lóòótọ́, òfin kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti fi òtítọ́ inú lo orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé tí a kọ ní lẹ́tà gàgàrà sára ọ̀rá, nínú irú ọjà tí ẹlòmíràn ti fi orúkọ kan náà gbajúmọ̀ lé lórí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dá lójú. Ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó gbé e lé bàbá lórí.

Kí ni obìnrin wa lè ṣe báyìí? Ó lè kọ̀wé sí ẹni tó ni Okin kó béèrè ìyọ̀ǹda. Bí wọ́n bá gbà, kí àdéhùn náà wà nínú ìwé, kí lọ́yà kọ ọ́, kí ó sì sọ ọjà tó wà fún. Ó lè béèrè pé kí wọ́n yọ àmì náà kúrò bí ó bá ní ẹ̀rí pé wọn kò lò ó mọ́, ṣùgbọ́n èmi kò ní gba ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ní oṣù tó ń bọ̀ nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ìyípadà orúkọ ló rọrùn jù nígbà tí wọn kò tíì gbẹ́ sílíńdà. Orúkọ tó máa ń rọrùn láti dáàbò bò ni èyí tí ènìyàn fúnra rẹ̀ hun, tí kò sọ irú ọjà tó jẹ́, tí kì í ṣe orúkọ ìlú, tí kò sì yin ara rẹ̀. Yorùbá kò ní àìní orúkọ: a lè mú ìlàjì orúkọ ọmọ méjì so pọ̀, tàbí ká mú ọ̀rọ̀ kan nínú oríkì ìdílé tí kò sí ní ẹnu gbogbo ènìyàn. Kó mú orúkọ mẹ́ta wá, kó tún wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, kó má fi ọkàn sí ọ̀kan ṣoṣo mọ́.

Bí ọ̀kan bá wá mọ́, kó má ṣe fi èsì pamọ́ sínú àpótí. Èsì ìwádìí sọ bí ìwé ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n wò ó nìkan ni. Ẹlòmíràn lè fi orúkọ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ tí ènìyàn fi ìwé sílẹ̀ sì ni òfin ń wò nígbà tí àmì bá di ti ẹnìkan. Nítorí náà, kí aṣojú fi ìbéèrè fún ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ lọ́gán. Iléeṣẹ́ náà yóò fún un ní ìwé pé àwọn ti rí i gbà, wọ́n yóò yẹ̀ ẹ́ wò, bí wọ́n bá gbà á wọ́n yóò tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn àmì òwò. Láti ọjọ́ náà, oṣù 2 ni ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn ní láti takò ó. Bí kò bá sí alátakò, ìwé ẹ̀rí yóò jáde.

NAFDAC tún wà níwájú rẹ̀. Fún oúnjẹ tí a fẹ́ ṣe tà nínú ọ̀rá, NAFDAC máa ń béèrè ẹ̀rí pé wọ́n ti gba orúkọ ọjà náà ní iléeṣẹ́ àmì òwò, ní orúkọ ẹni tó ni ọjà náà. Bí Àbújá bá kọ orúkọ náà, ìwé NAFDAC yóò dúró síbẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n ti tẹ yóò sì wà nílẹ̀ láìní nọ́ńbà lára. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fi dandan lé e pé kí ìwádìí ṣáájú ọ̀rá, pátákó sì lè dúró títí ìwé ìgbàwọlé yóò fi dé. Bí kò bá lè dúró, kó kọ “Búrẹ́dì wà níbí” sára pátákó kékeré kan.

Fún àwọn ará wa ní Kétu, ní Sákétẹ́, ní Àtákpàmé, ìwé tí Nàìjíríà fúnni kò ré kọjá Ìdírókò. Benin àti Togo wà nínú ẹgbẹ́ OAPI, orílẹ̀-èdè 17 ni wọ́n, Yaoundé ní Cameroon ni wọ́n ti ń tọ́jú ìwé gbogbo wọn, ìforúkọsílẹ̀ kan níbẹ̀ sì kárí gbogbo wọn. Oníbúrẹ́dì Ọ̀fà tó bá fẹ́ máa kó ọjà lọ sí Kútọnu gbọ́dọ̀ wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun kan kù láti sọ fún atẹ̀wé. Àmì R tó wà nínú òbìrí kékeré, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kó lè rẹwà, túmọ̀ sí pé wọ́n ti forúkọ náà sílẹ̀. Òfin kò gbà kí ènìyàn fi í sára ọjà nígbà tí kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Kí ó ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwòrán títí ìwé ẹ̀rí yóò fi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì tún wo àwòrán ìkẹyìn fúnra rẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà, kí wọ́n tó gbẹ́ sílíńdà.